Bí a ṣe lè da ìwé ìfowópamọ́ pọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀yáwó lórí Excel láìsí pé ẹnì kan sọnù

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan ní ìlú Oǹdó. Ìwé méjì la ní lórí Excel. Màmá tó ń tọ́jú owó ló ń kọ ìwé ìfowópamọ́, ìlà 214 ló wà níbẹ̀. Ẹlòmíì ló ń kọ ìwé ẹ̀yáwó, ìyẹn ní ìlà 139. Àkọlé òpó wọn ò bára mu: ibi tí ọ̀kan kọ ‘Foonu’ sí ni èkejì kọ ‘Laini’ sí. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sọ àkọlé wọn di ọ̀kan náà kí n tó lo VLOOKUP. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ #N/A ló kún ojú ìwé, ẹ̀yáwó tó jẹ́ ₦9,860,000 nínú léjà sì di ₦4,215,000. Ibo ni owó yòókù wọlé sí? Ìpàdé ọdún wa ti sún mọ́lé.”

Owó náà ṣì wà nínú ìwé ẹ̀yáwó, bó ṣe wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Fọ́múlà ìṣàwárí kì í pa nǹkan rẹ́ níbi tó ti ń wá a, ṣe ló máa ń fò ó. Mo ti yẹ fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ wò, èyí tí ẹ ti yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn èèyàn yín sì gbà jábọ́. Bí wọ́n ṣe kọ nọ́ńbà fóònù nínú ìwé kìíní yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nínú ìkejì. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ ti wá wọn. Àwọn kan sì wà tí wọ́n yá owó lẹ́ẹ̀mejì. Àkọlé òpó kò sí lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àkọlé yẹn kúrò nílẹ̀, torí ó ń gba àkókò lọ́wọ́ àwọn èèyàn púpọ̀. VLOOKUP, XLOOKUP, INDEX pẹ̀lú MATCH, kò sí èyí tó ń ka ohun tí ẹ kọ sórí òpó. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un pé òpó D ni kó wò, tàbí pé òpó kẹta ni kó ti mú èsì wá. Ohun tó wà nínú àpótí nìkan ló ń fi wéra. Nítorí náà, ẹ dá àkọlé Màmá padà sí bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, kí ẹ wá kọ sórí ìwé pélébé èyí tó bá èyí mu: “Foonu” tó wà ní òpó B nínú ṣíìtì Ifowopamo ni “Laini” tó wà ní òpó D nínú ṣíìtì Eyawo, “Oruko” ní òpó A ni “Omo Egbe” ní òpó A. Ẹ wá kíyè sí “Iye”. Ó wà ní òpó C nínú ìwé méjèèjì, àkọlé rẹ̀ sì bára mu pátápátá, ṣùgbọ́n owó tí èèyàn kó pamọ́ ni nínú ọ̀kan, owó tó jẹ ẹgbẹ́ ni nínú èkejì. Àkọlé tó jọra léwu ju èyí tó yàtọ̀ lọ, torí kò ní jẹ́ kí ẹ fura.

Ohun tí ẹ ó fi dá èèyàn mọ̀ nínú ìwé méjèèjì ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ fi nọ́ńbà fóònù ṣe é, tí ẹ kò lo orúkọ. Orúkọ tiwa kì í dúró sójú kan: ẹni tó jẹ́ Adébáyọ̀ Olúṣẹ́gun lọ́dọ̀ Màmá lè jẹ́ Segun Adebayo lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ ẹ̀yáwó, Excel kò sì mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Àmì ohùn nìkan tó láti yà wọ́n. Àyè kan tí ọwọ́ ṣèèṣì tẹ̀ lẹ́yìn orúkọ náà tó, ojú kò sì ní rí i.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù ní àrùn tirẹ̀. Ẹ fi ojú wo òpó B nínú ìwé Màmá: àwọn nọ́ńbà kan fara ti apá òsì àpótí, àwọn kan fara ti apá ọ̀tún. Tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fọwọ́ kan bí àpótí ṣe to ọ̀rọ̀ sí, àwọn ti òsì jẹ́ ọ̀rọ̀ lójú Excel, àwọn ti ọ̀tún jẹ́ iye. Nígbà tí èèyàn bá tẹ 08012345678 sínú àpótí lásán, Excel gbà pé iye ni, ó sì ju òdo iwájú nù. Ó wá di 8012345678. Nínú ìwé ẹ̀yáwó, nọ́ńbà kan náà lè jẹ́ 0801 234 5678, tàbí +2348012345678. Àwa mọ̀ pé fóònù ẹnì kan ni gbogbo wọn, àmọ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú MATCH. Kódà bí díjíìtì wọn bá pé tí wọ́n sì bára mu, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti èyí tó jẹ́ iye kò ní pàdé láéláé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ #N/A yín ti wá.

Ohun tí kì í yí padà nínú nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà ni díjíìtì 10 tó gbẹ̀yìn. Òun ni ká yọ jáde. Ẹ má fọwọ́ kan òpó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí ẹ sì ṣí òpó tuntun mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Nínú ṣíìtì Ifowopamo, ohun tí yóò wà ní D2, E2 àti F2 nìyí, kí ẹ fà á wálẹ̀ dé ìlà tó gbẹ̀yìn:

```
=SUBSTITUTE(SUBSTITUTE(B2," ",""),"-","")
=LEN(D2)
=RIGHT(D2,10)
```

Nínú ṣíìtì Eyawo, òpó D ni fóònù wà, nítorí náà E, F àti G ni tiyín níbẹ̀. Ẹ fi D2 rọ́pò B2 nínú fọ́múlà kìíní, kí ẹ sì fi E2 rọ́pò D2 nínú méjì tó kù. RIGHT máa ń sọ èsì rẹ̀ di ọ̀rọ̀, yálà iye ló bá níbẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀, nítorí náà wàhálà ọ̀rọ̀ àti iye ti parí nìyẹn.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ni òpó LEN ń ṣe níbẹ̀. Ó ń ka díjíìtì kí a tó gé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Iye tó yẹ kó jáde ni 10 fún èyí tí òdo rẹ̀ já, 11 fún èyí tó pé, 13 fún èyí tó fi 234 bẹ̀rẹ̀, 14 fún èyí tó ní àmì ìròpọ̀ níwájú. Èyíkéyìí tó bá yàtọ̀, ẹ lọ wo àpótí náà fúnra yín. Nínú ìwé ẹ̀yáwó yín mo rí àpótí mẹ́ta tí LEN wọn jẹ́ 23: nọ́ńbà méjì ni ẹni tó kọ ọ́ tẹ̀ sínú àpótí kan, ó fi ìlà wíwọ́ sáàárín wọn. RIGHT yóò mú nọ́ńbà kejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì lè jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ló wà lọ́wọ́ Màmá. Mo tún rí èyí tó jẹ́ 9, ìyẹn ni pé díjíìtì kan ti já nínú rẹ̀ pátápátá. Kò sí fọ́múlà tó lè dá a padà, ẹni tó ni fóònù ni kí ẹ bi.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tí LEN wọn jẹ́ 0. Àwọn bàbá wa kan lóko kò ní fóònù, àpótí wọn sì ṣófo. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn á di ẹnì kan ṣoṣo tí kò lórúkọ nígbà tí a bá ń yọ èyí tó jọra kúrò. Ẹ fi ọwọ́ tẹ àmì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní òpó F, bíi K001, K002, kí ẹ sì lo àmì kan náà fún ẹni náà ní òpó G nínú ìwé ẹ̀yáwó bó bá wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbá àti ọmọ tí wọ́n jọ ń lo fóònù kan. Láti rí wọn, ẹ fi èyí sí òpó G nínú ìwé Màmá:

```
=COUNTIF(F$2:F$215,F2)
```

Ibi tó bá ti ju 1 lọ, èèyàn méjì ló pín àmì kan, tàbí kí wọ́n ti kọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n nìkan lẹ lè sọ èwo ni. Bó bá jẹ́ bàbá àti ọmọ, ẹ fi lẹ́tà kún àmì ọmọ nínú ìwé méjèèjì. Ẹ má kọjá síwájú títí gbogbo òpó yìí yóò fi di 1.

Wàyí o, ibi tó dun ẹgbẹ́ yín jù ló kàn. VLOOKUP tí ẹ ṣe, ìwé Màmá lẹ kọ ọ́ sí. Ó mú ọmọ ẹgbẹ́ 214 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì béèrè bóyá ẹni náà ní ẹ̀yáwó. Kò sígbà kankan tó béèrè pé, ta ló wà nínú ìwé ẹ̀yáwó tí kò sí nínú ìwé ìfowópamọ́? Nítorí náà, bí ẹ tilẹ̀ tún gbogbo nọ́ńbà ṣe, ẹni tó jẹ owó tí kò ní ìfowópamọ́ kò ní hàn láé, kò sì ní sí #N/A kankan tí yóò ta yín lólobó. Ẹni tó bá bá Excel ṣiṣẹ́ pẹ́ máa ń bẹ̀rù àìsí àṣìṣe lójú ìwé ju #N/A lọ. Bí ẹ bá yí i padà tí ẹ kọ fọ́múlà náà sí ìwé ẹ̀yáwó, àwọn tí kò yáwó ni yóò sọnù. Kò sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ lè gbà tí kò ní já ẹnì kan sílẹ̀, àfi kí ẹ ṣe ìwé kẹta tó ní àmì gbogbo èèyàn, láti ibi méjèèjì.

Ẹ ṣí ṣíìtì tuntun, kí ẹ pè é ní Akopo. Ẹ kọ àkọlé sí ìlà 1. Ẹ da òpó F láti ìwé Màmá kọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó A láti A2 pẹ̀lú Paste Special, kí ẹ yan Values. Ẹ da òpó G láti ìwé ẹ̀yáwó kọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bákan náà. 214 àti 139 á fún yín ní ìlà 353. Ẹ wá lọ sí Data, kí ẹ tẹ Remove Duplicates. Bí Excel yín bá jẹ́ ti Microsoft 365, tàbí tí ẹ bá ń lo Google Sheets, ìlà kan yìí á ṣe gbogbo rẹ̀:

```
=UNIQUE(VSTACK(Ifowopamo!F2:F215,Eyawo!G2:G140))
```

Lẹ́yìn tí mo tún àwọn àmì ṣe, èèyàn 227 ló kù. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: 214 ló wà lọ́dọ̀ Màmá, 131 ló wà nínú ìwé ẹ̀yáwó bí a bá ka ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, 118 sì wà nínú méjèèjì. 214 àti 131 jẹ́ 345. Ẹ yọ 118 kúrò, ó ku 227. Ìyẹn ni pé èèyàn 13 jẹ ẹgbẹ́ lówó tí orúkọ wọn kò sì lè bọ́ sínú ìwé tí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Láti ìwé Akopo yìí ni ìṣàwárí yóò ti máa lọ sápá méjèèjì. Mo lo INDEX pẹ̀lú MATCH torí pé VLOOKUP kì í wo ẹ̀yìn: àmì ìdánimọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní apá òsì ohun tó ń mú wá, tiyín sì wà ní apá ọ̀tún. XLOOKUP kò ní ìṣòro yẹn, ṣùgbọ́n kò sí nínú Excel 2016 tàbí 2019, èyí tí mo ṣì ń bá lórí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Àkúrẹ́ níbí. Orúkọ ló wà ní B2, ìfowópamọ́ ní C2:

```
=IFNA(INDEX(Ifowopamo!A$2:A$215,MATCH($A2,Ifowopamo!F$2:F$215,0)),INDEX(Eyawo!A$2:A$140,MATCH($A2,Eyawo!G$2:G$140,0)))
=IFNA(INDEX(Ifowopamo!C$2:C$215,MATCH($A2,Ifowopamo!F$2:F$215,0)),"KO SI")
```

Èyí àkọ́kọ́ ń wá orúkọ lọ́dọ̀ Màmá. Bí kò bá rí i, ó lọ mú un nínú ìwé ẹ̀yáwó. Òdo tó parí MATCH ṣe pàtàkì: ó ń sọ pé kó bára mu gẹ́lẹ́ tàbí kó má mú nǹkan wá. Nínú VLOOKUP, FALSE ní ìparí ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, Excel lè gbé owó ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kàn sún mọ́ ti ẹni tí ẹ ń wá, kó sì gbé e kalẹ̀ bí òótọ́. Ìdí tí mo sì fi lo IFNA dípò IFERROR ni pé IFNA kàn ń gbọ́ “mi ò rí i” ni, nígbà tí IFERROR ń bo gbogbo àṣìṣe mọ́lẹ̀, títí kan èyí tó yẹ kí ẹ rí. “KO SI” náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó wà nínú ìwé Màmá tí àpótí owó rẹ̀ ṣófo yóò jáde ní 0, ẹni tí kò sí níbẹ̀ rárá yóò jáde ní KO SI. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀.

Ẹ̀yáwó kò gba irú fọ́múlà yìí. MATCH máa ń dúró lórí ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí, kò sì ní wo ìsàlẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín 8 yá owó lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ti oògùn kòkó nígbà òjò àti ti owó ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà, ìlà kejì wọn sì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín 139 àti 131. Bí a bá fi INDEX mú un wá, owó kejì á sọnù fún gbogbo wọn láìsí àmì àṣìṣe kankan. Nítorí náà, ẹ ṣírò rẹ̀ pọ̀ ní D2, kí ẹ ka iye ìlà tó wá láti ìwé kọ̀ọ̀kan ní E2 àti F2:

```
=SUMIFS(Eyawo!C$2:C$140,Eyawo!G$2:G$140,$A2)
=COUNTIF(Ifowopamo!F$2:F$215,$A2)
=COUNTIF(Eyawo!G$2:G$140,$A2)
```

Òpó méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni ẹ̀rí yín. Ẹ ro òpó E pọ̀, kó jẹ́ 214 gẹ́lẹ́. Ẹ ro òpó F pọ̀, kó jẹ́ 139 gẹ́lẹ́. Bí méjèèjì bá pé, kò sí ìlà kan tó jábọ́, kò sì sí èyí tí a kà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ro òpó D, kí ẹ fi wé ₦9,860,000 tó wà nínú léjà. Bí iye ìlà bá pé tí owó sì dín, ẹ lọ wo òpó C nínú ìwé ẹ̀yáwó. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti tẹ “150,000 naira” sínú àpótí. Ọ̀rọ̀ nìyẹn lójú Excel, SUMIFS kò sì ní kà á mọ́ owó. COUNT lórí òpó náà ń ka iye nìkan, nítorí náà bí kò bá fún yín ní 139, ẹ ti mọ iye àpótí tí ẹ ó wá.

Àwọn 13 tí KO SI wà níwájú orúkọ wọn wá kù. Fọ́múlà ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe fún wọn. Àwọn kan lè ti kó ìfowópamọ́ wọn kúrò kí gbèsè wọn tó tán, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀ràn tí ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn mìíràn lè jẹ́ ẹni tó yí laini padà láàárín ọdún: nọ́ńbà àtijọ́ wà lọ́dọ̀ Màmá, tuntun wà nínú ìwé ẹ̀yáwó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú Akopo, ẹ̀ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní owó tí kò jẹ gbèsè, ẹ̀ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè tí kò ní owó. Ẹ to Akopo ní orúkọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi Paste Special sọ gbogbo rẹ̀ di Values, kí ẹ jókòó ti Màmá, kí ẹ ka 13 náà sí wọn létí. Èyí tí wọ́n bá dá mọ̀, ẹ tún àmì rẹ̀ ṣe ní òpó G nínú ìwé ẹ̀yáwó, kí ẹ sì tún Akopo ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n dá 5 mọ̀, àwọn tó wà nínú méjèèjì á di 123, àpapọ̀ èèyàn á di 222, àmọ́ 214 àti 139 kò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Ẹnì kan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lo Power Query, ohun èlò inú Excel tó ń da ìwé pọ̀ mọ́ra, kí ẹ yan Full Outer, pé kò ní já ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì yá fún ìwé tó bá pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì kọ́kọ́ tún nọ́ńbà fóònù ṣe, torí òun náà ń wá èyí tó bára mu gẹ́lẹ́. Àwọn 8 tó yá owó lẹ́ẹ̀mejì á sì gba ìlà méjì méjì, pẹ̀lú ìfowópamọ́ wọn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ yín á wá ní owó lójú ìwé ju èyí tó wà ní báńkì lọ. Fún èèyàn tó lé díẹ̀ ní igba, mo fara mọ́ fọ́múlà, torí ẹ lè tẹ àpótí kọ̀ọ̀kan níwájú ìpàdé kí ẹ sì fi ibi tí owó ti wá han ẹni tó bá béèrè. Ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiwọn láti 001, kí àwọn tó ń kọ ìwé méjèèjì máa kọ ọ́ sí òpó A. Títí dìgbà náà, ẹ tọ́jú fáìlì méjèèjì àtilẹ̀wá sí ibi tí ọwọ́ kankan kò ti ní bà wọ́n, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe Akopo mọ́ orúkọ rẹ̀, torí ẹ̀yáwó tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn ọjọ́ náà kò sí nínú rẹ̀.